Ìdá 75 Nínú Kí Ni?

Ìkéde náà kì í ju ojú ìwé kan lọ. Olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ti fọwọ́ sí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìdánwò sì ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn tí kò bá tíì gba kílíránsì kò gbọdọ̀ yọjú. Ẹni tí wíwá sí kíláàsì rẹ̀ kò bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní jókòó. Ìlà kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ ló sọ pé ibi ìdánwò ti yí padà. Èmi náà ti jẹ olórí ẹ̀ka rí, mo ti fọwọ́ sí irú rẹ̀, mo sì mọ ohun tí mò ń wí: ìdájọ́ ni, a kàn ń pè é ní ìkéde ni.

Ti kílíránsì kò le. Ọmọ ti sanwó, rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì rẹ̀ ni kò sí ní ọ́fíìsì láti Ọjọ́rú. Ó lọ síbi òkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ló kan ọmọ níbẹ̀?

Ti ibi ìdánwò náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ìdánwò kúrò ní gbọ̀ngàn ńlá lọ sí ilé kọ̀ǹpútà tó wà ní òdìkejì ọgbà, ẹ sì ní kí aṣojú kíláàsì fi í sórí Wasáàpù. Ẹni tí iná fóònù rẹ̀ ti kú lálẹ́ á dé ẹnu ọ̀nà àtijọ́ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, á bá ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì. Kó tó sáré débi tuntun, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti kọjá, olùṣọ́ á ní òfin kò gbà á mọ́. Bí ẹ bá yí ibi padà, ẹ fi èèyàn sẹ́nu ọ̀nà àtijọ́, kí ẹ sì dá àkókò tí ẹ jẹ padà fún ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n ìdá 75 yẹn gan-an ló ń dùn mí. Mi ò bá òfin náà jà. Ìdá 75 nínú kí ni, ni mò ń bi yín. Kọ́ọ̀sì oníyúnìtì méjì jẹ́ wákàtí 30 ní sáà kan, kíláàsì oníwákàtí méjì kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15. Akọ̀wé ẹ̀ka á ṣírò rẹ̀, á ní ẹni tí wíwá rẹ̀ kò bá tó ìgbà 12 kò yege. Ta ló ka iye ìgbà tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ wá?

Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan gbé ìwé àjákọ rẹ̀ wọ ọ́fíìsì mi. Ó ti kọ déètì kíláàsì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà sì wà níwájú rẹ̀. Ìgbà 12 ni olùkọ́ wá ní gbogbo sáà. Òun wá ní ìgbà 10. Mẹ́wàá nínú 12 ju ìdá 83 lọ, ṣùgbọ́n àwa fi 15 pín in, ó di ìdá 67 tí kò pé, a sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí a lé. Ẹ wò ó dáadáa: nínú kọ́ọ̀sì yẹn, ẹni tó bá pa kíláàsì kan ṣoṣo jẹ ti bọ́. Òfin ìdá 75 ti di òfin ìdá 100, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ tó pa mẹ́ta jẹ kò gba lẹ́tà kankan.

Mo ní kí olùkọ́ náà kó ìwé ìfọwọ́sí wá. Inú bútù ọkọ̀ rẹ̀ ló ti kó wọn jáde, ewé ìwé tí wọ́n ya, òmíràn ti rin fún omi. Lórí ọ̀kan nínú wọn, orúkọ mọ́kànlá tẹ̀léra wọn pẹ̀lú bíírò pupa kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Ó wù mí kí n rẹ́rìn-ín. Púpọ̀ nínú àwọn mọ́kànlá yẹn ló pé 12 lórí àtẹ wa.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní bí a bá dẹ okùn, àwọn ọmọ kò ní wá mọ́. Ta ló ní kí ẹ dẹ ẹ́? Ẹ fi iye kíláàsì tó wáyé pín in, ẹ sì lẹ àtẹ náà mọ́ pátákó ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, nígbà tí ẹni tó ń rẹ̀yìn ṣì lè sáré bá a, tí ẹni tí a ka tirẹ̀ ní àṣìkà sì lè pariwo. Ẹ̀ka tí kò bá lẹ̀ ẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé ẹnikẹ́ni. Sáà tí a sì sáré kó pọ̀, bí èyí tó tẹ̀lé ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ ọ̀sẹ̀ 15 níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ọdún ìkẹyìn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la ń kọ́ wọn. Ẹni tó bá pàdánù ọ̀kan á jókòó sílé di ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti wọ aṣọ àgùnbánirọ̀.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ ọmọbìnrin yẹn padà, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Àwọn mẹ́rin mìíràn wà lórí ìwé àwọn tí a lé náà. Wọn kò ní ìwé àjákọ tí wọ́n lè gbé wá bá mi, èmi náà kò sì ránṣẹ́ pè wọ́n.