Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ ní Akpassi: Owó Àfikún Ni Ká Máa Bèèrè

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ nípa ọrọ̀-ajé ìlera gbé iṣẹ́ tí olùkọ́ wọn fún un wá sílé ní Akpassi. Wọ́n ní kó fi ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà yẹ àwọn obìnrin wò nítorí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ wé ara wọn, kó sì sọ èyí tí àǹfààní rẹ̀ tó owó rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi parí rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ibi tó parí sí ló ti ṣì í, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pín owó ìlera ti lè ṣì í.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ rọrùn. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí yóò fi fínígà tí wọ́n bu omi là pa ọrùn ilé-ọmọ, yóò dúró díẹ̀, yóò sì wò ó bóyá ojú ibẹ̀ funfun. Lójú ẹsẹ̀ ni èsì máa ń jáde. Ọ̀nà kejì ni wíwá kòkòrò HPV tó ń fa àrùn náà: wọ́n á fi òwú mú omi ara, ẹ̀rọ ni yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wọ́n ju ti fínígà lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú jù ú lọ.

Olùkọ́ gbé iye kalẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn. Wọn kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni kà ní Bantè. Ká ní ẹgbẹ̀rún kan obìnrin ló wá. Ti fínígà gba 2,400,000 sẹ́fà, ó sì rí obìnrin 12 tí àpá tó lè di jẹjẹrẹ wà lára wọn. Ti HPV gba 7,200,000, ó rí 18. Àbúrò mi pín in: 200,000 lórí ẹnì kan fún fínígà, 400,000 fún HPV. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìlọ́po méjì péré ni.”

Mo ní rárá. Nínú àwọn 18 yẹn, fínígà ì bá ti rí 12 ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni mẹ́fà péré ni HPV fi kún un. Kí la san lórí àwọn mẹ́fà yẹn? Ẹ yọ 2,400,000 kúrò nínú 7,200,000, ó ku 4,800,000. Ẹ pín in sí mẹ́fà: 800,000 sẹ́fà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò owó àfikún lórí àǹfààní àfikún nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún wa pé 400,000 ni, ó ti fi owó àwọn 12 bo ti àwọn mẹ́fà mọ́lẹ̀.

Ṣé 800,000 ti pọ̀ jù? Ìṣirò nìkan kò lè dá a lẹ́jọ́. Ẹ wo ohun mìíràn tí owó náà lè ṣe. Bí obìnrin 2,000 bá wà ní àwọn abúlé tó yí wa ká tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò rí, 4,800,000 yẹn tó láti fi fínígà yẹ gbogbo wọn wò, a ó sì rí ẹni 24 bí tiwọn bá rí bíi tàwọn ti ìṣáájú. Mẹ́fà níbí, mẹ́rìnlélógún lọ́hùn-ún.

Ohun kan tún wà. Bí èsì HPV bá pẹ́ kó tó dé, obìnrin tó ti lọ sóko lè má padà wá. Bí mẹ́fà nínú àwọn 18 kò bá padà, 12 la ó tọ́jú. Owó ti di ìlọ́po mẹ́ta, àǹfààní kò sì ju ti fínígà lọ. Níbẹ̀, kò sí àfikún tí a ó fi pín owó mọ́; owó ṣòfò ni.

Ṣùgbọ́n kí á má fi èyí bú HPV. Ní Osmanabad lórílẹ̀-èdè Íńdíà, wọ́n tẹ̀lé àwọn obìnrin tó lé ní 131,000. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2009 fi hàn pé àyẹ̀wò HPV ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dín ikú jẹjẹrẹ náà kù ní nǹkan bí ìdajì. Ti fínígà kò dín in kù dé ibi tó ṣeé gbára lé. Nítorí náà, rírí àpá yàtọ̀ sí gbígba ẹ̀mí là. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dábàá HPV ní 2021.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn aláṣẹ wa ní Bantè ni pé, nígbà tí wọ́n bá gbé ètò àyẹ̀wò tuntun wá, kí wọ́n sọ ohun mẹ́ta fún wa: kí lowó tó fi ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ, ẹni mélòó ni yóò fi kún àwọn tí a ó tọ́jú, àti ta ni kò tíì rí àyẹ̀wò kankan. Àbúrò mi ti lọ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.