Bàtà Ojoojúmọ́ àti Gìgísẹ̀ Tó Ń Dùn Wá



Bí a bá dìde fún ìrun àsùbáà, tí a gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, gìgísẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ta bí ẹni tẹ ìṣó mọ́lẹ̀. Tí a bá rìn dé ibi omi àlùwàlá, ó á rọlẹ̀ díẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó tún dé. Làkúrègbé ni a máa ń pè é, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tó so gìgísẹ̀ mọ́ ìdí àwọn ọmọ ìka. Tí a bá ń fà á jù, ibi tó ti so mọ́ gìgísẹ̀ ni yóò máa dùn. Ó máa ń sún kì lóru, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló sì ń nà án lójijì.

Ìyá kan nínú wa tó ń ta aṣọ gbọ́ pé bàtà gogoro ló ń ba ẹ̀yìn jẹ́. Òótọ́ ni: ó ń ti ara síwájú, ẹ̀yìn á sì tẹ̀ kí a má baà ṣubú. Ìyá wa jù ú sílẹ̀, ó bọ́ sínú sìlípáàsì rọ́bà. Ìrora náà le sí i! Nígbà tí a gba sìlípáàsì náà wò, ìdí rẹ̀ ti jẹ tán, ó sì ń ká bí ìwé. Kò dì gìgísẹ̀ mú, ọmọ ìka ló ń fi dì í mú kó má bọ́, iṣan abẹ́ ẹsẹ̀ kò sì sinmi.

Lójú tiwa, kì í ṣe pẹlẹbẹ pátápátá ló kàn lẹ́yìn gogoro. Kí ìdí bàtà ga tó ìbú ìka méjì, kí ó ní okùn lẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ká dúró lórí páálí, ká fi bírò yí ẹsẹ̀ ká, ká gbé bàtà lé e. Bí ìlà náà bá yọ síta, bàtà ti há. Ká tún gbìyànjú láti ká a: ibi ọmọ ìka ni kó ti ká, kì í ṣe àárín.

Ìyá wa ra irú rẹ̀, ó sì fi sìlípáàsì sílẹ̀ fún àlùwàlá nìkan. Kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó máa ń fọwọ́ fa ọmọ ìka rẹ̀ sókè sí ojúgun nígbà mẹ́wàá. Kò yá lọ́jọ́ kan. Oṣù kejì ló tó lè dúró dé ìrọ̀lẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Bí ìrora bá ti ẹ̀yìn ṣàn wá sí ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri, bàtà kò lè wò ó, ilé ìwòsàn ni kí a lọ. Ẹni tó bá sì ní àtọ̀gbẹ, kó máa na ọwọ́ sínú bàtà kó tó wọ̀ ọ́, torí òkúta kékeré lè wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ̀.