Máàkì Kan Kò Tó Láti Fi Dá Ilé Ìwòsàn Lẹ́jọ́

Láti ọwọ́ Ọmọ Rẹ́mọ

Nígbà tí Fred Reichheld, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn olókòwò ti Yunifásítì Hááfádì ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò ló ń sọ, kì í ṣe ti aláìsàn. Ó ní kí a bi oníbàárà ní ohun kan ṣoṣo: láti òdo títí dé 10, báwo ni yóò ti yá a lára tó láti júwe ibẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ẹni tó bá mú 9 tàbí 10, olùyìn ni. Ẹni tó mú 7 tàbí 8, aláìdásí ni. Láti 6 wá sílẹ̀ dé òdo, aláròyé ni gbogbo wọn. A ó mú iye olùyìn nínú ọgọ́rùn-ún, a ó yọ iye aláròyé kúrò nínú rẹ̀, èyí tó bá kù ni máàkì. Òṣùwọ̀n náà ti wọ ilé ìwòsàn báyìí, kò sì sí ohun tó burú nínú bíbéèrè; ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni bí àwọn alákòóso ti ń gba máàkì náà gbọ́ bí ẹni pé Ifá ló sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ṣágámù, ìlú Akárìgbò, ṣe àpẹẹrẹ. Ènìyàn 40 dáhùn ní oṣù kan: 22 yìn ín, 10 kò dá sí i, 8 ráhùn. Nínú ọgọ́rùn-ún, olùyìn jẹ́ 55, aláròyé jẹ́ 20; yọ 20 nínú 55, ó ku 35, inú ọ̀gá dókítà sì dùn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ènìyàn 40 mìíràn dáhùn, olùyìn di 18, aláròyé di 10, máàkì já sí 20, ni wọ́n bá pe àwọn nọ́ọ̀sì jọ, wọ́n ń bá wọn wí. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì náà kò yí ìwà padà rárá. Igi kan kò lè dá igbó ṣe: àwọn tó mọ ìṣirò á sọ pé, pẹ̀lú ènìyàn 40 péré, máàkì 35 yẹn lè jẹ́ 10, ó sì lè jẹ́ 60, nítorí pé kòńgẹ́ lásán ló mú àwọn tí a bi léèrè ní oṣù yẹn wá. Bí a bá fẹ́ kí ìyapa náà má ju 10 lọ, yálà sókè tàbí sílẹ̀, ìdáhùn tó tó 240 la ó kó jọ, èyí tí í ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́fà fún irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀.

Àìpọ̀ ènìyàn ṣì rọrùn láti wò sàn. Sùúrù ni oògùn rẹ̀. Èyí tó le ni irú ẹni tó ń dáhùn, nítorí pé bí a kó ẹgbẹ̀rún ìdáhùn tó wọ́ jọ, wíwọ́ náà ni yóò máa wọ́. Bí nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ìyá àgbà kan ní abẹ́rẹ́ bá tún na ìwé ìbéèrè sí i, tó sì dúró tì í, ta ni yóò kọ òdo lójú rẹ̀, nígbà tó mọ̀ pé òun ń bọ̀ wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣù tó ń bọ̀? Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ọkùnrin tó jókòó láti àárọ̀ kùtùkùtù, tí kò rí dókítà, tó sì bínú gba ilé olóògùn lọ, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan, nítorí ẹnu ọ̀nà àbájáde ni wọ́n ti ń pín ìwé. Bí ó bá sì jẹ́ orí fóònù ni wọ́n fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí, nọ́ńbà ọkọ ló wà lórí káàdì, ìyàwó ló gbé ọmọ wá. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá ìdáhùn wọ́ ni kí a gbé ìdáhùn síwájú ìwé ìforúkọsílẹ̀: bí àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá gba àjẹsára bá jẹ́ ìdajì àwọn tó wá, tí wọn kò sì tó ìdá mẹ́wàá àwọn tó dáhùn, máàkì náà kì í ṣe ti ilé ìwòsàn yẹn. (Ẹ má sì gbàgbé pé ní ilé ẹ̀kọ́ tiwa, ẹni tó gba 6 nínú 10 ti yege, òṣùwọ̀n yìí ló sọ ọ́ di aláròyé.)

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ rin ọ̀nà yìí kí a tó gbọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn aláìsàn bóyá wọn yóò júwe wọ́ọ̀dù tí wọ́n sùn sí fún ọ̀rẹ́ àti ẹbí, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ ní ọ̀nà tó jọ ti Reichheld: ẹni tó sọ pé ó dájú gan-an pé òun yóò júwe rẹ̀ nìkan ni wọ́n kà kún olùyìn, ẹni tó sọ pé ó ṣeé ṣe kí òun júwe rẹ̀ di aláìdásí, ẹni tó sì sọ pé òun lè júwe rẹ̀, òun sì lè má júwe rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn aláròyé ni wọ́n tò ó sí. Máàkì náà rú aráàlú lójú, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 2014, wọ́n ti pa á tì, wọ́n kàn ń kéde iye àwọn tó lè júwe rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ni kí ilé ìwòsàn Rẹ́mọ ṣe, nígbà náà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ: ìdí tí ènìyàn fi mú 6 níye lórí ju 6 náà lọ. Kí a fi ìbéèrè kejì kún ti àkọ́kọ́, pé kí ló fà á, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó tọ́jú aláìsàn náà sì pè é láàárín ọjọ́ méjì, kí ó fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ wádìí, nítorí ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bí márùn-ún nínú aláròyé mẹ́jọ bá sọ pé ibi tí wọ́n ti ń yọ káàdì ni àwọn ti pẹ́ jù, iṣẹ́ ti dé ọwọ́, kò sì sí ìdí láti dúró de ìdáhùn 240 kí a tó fi akọ̀wé kan kún un ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn náà, kí a fi aago wọn bí ìdúró náà ti pẹ́ tó, kí a má fi máàkì wọ̀n ọ́. Owó oṣù nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ so mọ́ máàkì yìí rárá, nítorí ọjọ́ tó bá so mọ́ ọn ni ẹni tó ń pín ìwé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹni tí yóò fún.