Ìwé ìròyìn Èkó kò lè jẹ́rìí fún Kétu

Ní 1999, Lorand Matory kọ àpilẹ̀kọ kan pé àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Bàhíà wà lára àwọn tó sọ Yorùbá di orílẹ̀-èdè kan. A fara mọ́ apá kan nínú rẹ̀. Martiniano do Bonfim, ọmọ Bàhíà, wá sí Èkó ní 1875, ó padà ní 1886, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀.

Ibi tí a ti dúró ni ìwé ìròyìn Èkó ti àwọn ọdún 1890. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé etíkun ló ń kà á. Èrò Benedict Anderson pé ìwé títẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí ara wọn bí orílẹ̀-èdè kan bá a mu gan-an, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ṣọ́ra: ẹni tó bá fi ojú yẹn wò, ìwé ìròyìn ni yóò rí. Ní 1886 kan náà, ogun Dàhómì tú Kétu ká. Ta ló ń ka ìwé ìròyìn lóko ẹrú?

Orúkọ Nàgó ti wà nínú ìwé àwọn òyìnbó láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Robin Law tọ ipa rẹ̀ ní 1997. Àmọ́ kí àwa náà má yọ̀ jù. Orúkọ tí àwọn aládùúgbò ń pè wá ni. Ìwé oníṣòwò ẹrú kò sọ ohun tí àwọn baba wa ń pe ara wọn.