Ta Ló Lu Àlùbọ́sà?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́ rí, mi ò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ní Ìlọràá níbí, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa níwèé ní ìrọ̀lẹ́. Mo sọ fún wọn pé "a lù ú, ó bọ́, ó sá" ni wọ́n sún kì tó fi di àlùbọ́sà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gbé e dé ọ̀dọ̀ Mààlámù tó ń ta àlùbọ́sà lọ́jà. Baba náà kàn rẹ́rìn-ín: "Albasa là ń pè é nílé tiwa. Ṣé àwa náà lù ú ni?"

Ojú tì mí gan-an.

Lárúbáwá ló kọ́kọ́ pè é ní al-basal. Nígbà tó dé ẹnu Haúsá, l tó gbẹ̀yìn já bọ́, ó di albasa. Tiwa náà ò ní l yẹn, ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọwọ́ Haúsá la ti gbà á. Yorùbá kì í sì í jẹ́ kí l àti b fara kanra, la bá fi ù sí àárín wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò tó ẹ̀rí o. Ẹ wo àwọn tí wọ́n jọ rìnrìn àjò: albarka di àlùbáríkà, aljannu di àlùjọ̀nnú, almakashi di àlùmọ́gàjí. Ù kan náà, ojú ibi kan náà. Bó bá jẹ́ pé lílù ló wà nínú àlùbọ́sà, ta ló wá lu àlùmọ́gàjí, tí í ṣe irin tí télọ̀ fi ń gé aṣọ? Ẹ tún fetí sí ohùn: "sá" inú ìtàn wa lọ sókè, "sà" inú ọ̀rọ̀ náà wálẹ̀. Ìtàn náà yí ohùn padà, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Èmi ò rò pé ó yẹ ká máa fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ kiri lórí Wasáàpù, bó ti wù kó dùn tó.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò ya wèrè. Àlùjó ń bẹ, à-lù-jó, ìlù tí a ń lù fún ijó. Ohùn rẹ̀ ò yí, ìtumọ̀ rẹ̀ hàn gbangba. Nítorí náà, ẹni tó bá ti rí "àlù" tó sì sáré pè é ní Lárúbáwá, àṣìṣe tiẹ̀ náà nìyẹn.

Mo padà lọ ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Àwọn Lárúbáwá ńkọ́, ta ló sọ ọ́ fún wọn?"