Wọ́n pè yín ní kọntirakítọ̀, àmọ́ ta ló ń pàṣẹ fún yín?

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló gbà pé báwọn bá ti kọ "kọntirakítọ̀" sínú ìwé àdéhùn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú òfin. Lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ Shena Security àti Afropak, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nílẹ̀ wa sọ ohun tí adájọ́ yóò máa wò. Ṣé owó oṣù ni wọ́n ń san ni, àbí owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan? Ta ló ni irinṣẹ́? Ta ló ń yan àkókò àti ibi iṣẹ́? Ṣé ẹni náà lè rán ẹlòmíì wá ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ dìsípáàṣì kan l'Ékòó. Ilé-iṣẹ́ ló ni ọ̀kadà. Aago méje àárọ̀ ló gbọ́dọ̀ dé, bó bá pẹ́, wọ́n á gé owó ẹ̀. Kò lè rán àbúrò ẹ̀ wá, kò sì lè gbé ẹrù fún ẹlòmíì. ₦80,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣooṣù. Ṣé kọntirakítọ̀ nìyẹn? Rárá o, òṣìṣẹ́ ni. Ẹ fi wé télọ̀ tẹ́ ẹ gbé aṣọ fún: òun ló ni ẹ̀rọ ẹ̀, ó lè gbé e fún ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ rán, ó sì láwọn oníbàárà míì. Kọntirakítọ̀ gan-an nìyẹn.

Owó gidi ló wà nídìí ìyàtọ̀ yìí. Ká ní ogún òṣìṣẹ́ ló wà níléeṣẹ́ dìsípáàṣì yẹn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dá ó kéré tán 10% lé owó oṣù wọn, kí òṣìṣẹ́ náà dá 8%. Tá a bá fi ₦80,000 ṣírò ẹ̀, ₦8,000 lóṣù ni ti ọ̀gá. Lọ́dún méjì, ó ti di ₦192,000 tí ọmọ yẹn ò rí.

Tí ọkọ̀ bá wá gbá a ńkọ́? Òfin owó ìtanràn òṣìṣẹ́ ọdún 2010 ní kí ọ̀gá máa san 1% gbogbo owó oṣù tó ń san fún àjọ NSITF, kí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lè rí nǹkan gbà. Òfin náà ka òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ pàápàá mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n pè ní kọntirakítọ̀, àpò ara ẹ̀ ló máa fi wo ẹsẹ̀ tó kán.

Mo gbọ́ ohun táwọn ọ̀gá ń sọ, pé owó òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ó dáa. Ẹ gba kọntirakítọ̀ tòótọ́ nígbà náà, kẹ́ ẹ yé pàṣẹ aago méje fún un. Ẹ ò lè mú àṣẹ ọ̀gá, kẹ́ ẹ sá fún ẹrù ọ̀gá.

Ẹ̀yin tọ́rọ̀ kàn, ẹ tọ́jú ẹ̀rí: àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí wọ́n fi ń pàṣẹ, aláàtì owó oṣù, káàdì ìdánimọ̀. Bó bá dé iwájú Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́, ẹ̀rí ló máa sọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́.