Ẹ Mú Àgádágodo Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà Àtẹ̀gùn

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iná ṣẹ́ yọ ní Afriland Towers, ilé alájà mẹ́fà kan ní Erékùṣù Èkó. Yàrá ínfátà tó wà lábẹ́ ilé ni wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀, èéfín sì gun òkè. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ojú fèrèsé jáde, àwọn kan fò. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́wàá kú. Àwọn kan wá ń béèrè pé, kí ló dé tí wọn ò gba àtẹ̀gùn? A ò fara mọ́ ìbéèrè yẹn. Àwọn onílé ló yẹ ká bi, kì í ṣe òkú.

Àtẹ̀gùn nìkan kì í gbani là. Ilẹ̀kùn ẹnu rẹ̀ ní àjà kọ̀ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́ náà. Bí ilẹ̀kùn bá ń pa ara rẹ̀ dé, tí ẹnikẹ́ni sì lè tì í ṣí láìwá kọ́kọ́rọ́, èéfín á pẹ́ kó tó wọlé, èèyàn á ráyè sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pọ̀ ilé wa. Wọ́n á fi òkúta há ilẹ̀kùn náà kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́, tàbí kí wọ́n fi àgádágodo tì í nítorí olè. Ti àkọ́kọ́ sọ àtẹ̀gùn di ihò èéfín, ti èkejì sọ ọ́ di ògiri. Ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Lífítì kì í ṣe àbọ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ, ó lè há yín sáàárín àjà méjì. Ihò tó ń gbà kọjá a máa fa èéfín sókè, ó sì lè lọ ṣílẹ̀kùn níwájú iná gan-an.

Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ dúró sí yàrá yín, panápaná ń bọ̀." Ìyẹn dára níbi tí ògiri àti ilẹ̀kùn bá lè sé iná mọ́ yàrá kan. Ní Grenfell Tower, Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 2017, ilé alájà 24 tó ní àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ayálégbé nìyẹn. Àwọn pátákó tí wọ́n fi bo ara ilé gbé iná láti àjà kẹrin dé òkè. Ó lé ní wákàtí kan àtààbọ̀ kí wọ́n tó yí ọ̀rọ̀ padà. Èèyàn 72 ló kú.

Nítorí náà, bí ọ̀nà bá mọ́, ẹ tètè jáde. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó ṣí i. Bó bá gbóná, ẹ fi í sílẹ̀. Bí èéfín bá ti kún àtẹ̀gùn, tí kò sì sí òmíràn, ìgbà yẹn ni kí ẹ padà. Ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ fi aṣọ tútù dí abẹ́ rẹ̀, ẹ lọ sí ojú fèrèsé, ẹ pe 112, kí ẹ sì sọ àjà tí ẹ wà.

Ọ̀pọ̀ wa tó ń kàwé l'Óṣogbo yìí ni yóò ṣiṣẹ́ l'Ékòó tàbí l'Ábùjá lọ́la. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fẹsẹ̀ rin àtẹ̀gùn náà láti òkè dé ìta. Bí ẹ bá bá àgádágodo, ẹ pariwo. Bí onílé bá ní torí olè ni, ẹ bi í: olè wo ló ń pa èèyàn mẹ́wàá lọ́jọ́ kan?